Ìgò Jíìnì Onígun Mẹ́rin Tó Wà Nílé Bàbá Yín: Báwo La Ṣe Ń Mọ Ọjọ́ Orí Rẹ̀?

Òkun o. Ìgò kan ló pọ̀ jù nínú àwọn tí ará ilé ń gbé wá bá mi láti Ìsánlú, Kàbà, Mọ̀pà àti Ẹ̀gbẹ̀. Ìgò jíìnì onígun mẹ́rin ni, aláwọ̀ ewé tó ṣú títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, tí èjìká rẹ̀ fẹ̀ ju ìdí rẹ̀ lọ. Àwọn kan rí i lórí àjà, àwọn mìíràn bá epo tó ti dì nínú rẹ̀ ní ilé ìdáná ìyá àgbà, òmíràn sì jáde nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí lórí ìgò yìí ni mo kó jọ síbí, pẹ̀lú ìdáhùn tí mo máa ń fún wọn.

Ibo ni kí n kọ́kọ́ wò lára ìgò náà?

Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo ìlà tó gun ara rẹ̀ lọ sókè, kí ẹ sì fi ẹnu rẹ̀ parí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ìgò náà ló jẹ́ kí n máa tẹ̀ lé ìtò yìí.

Ní ayé tí ènìyàn ń fi ẹnu fẹ́ ìgò, òṣìṣẹ́ á ti ọ̀pá irin tó ní ihò bọ inú gíláàsì tó ti yọ́ nínú iná, á yí i kó gbá díẹ̀ mú, á sì máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i títí yóò fi wú. Ìgbà tí ara ìgò bá ti pé ni ìṣòro tó dé: ọ̀pá ìfẹ́ ṣì lẹ̀ mọ́ ọrùn ìgò, ibi tí ẹnu yẹ kó wà. Kí wọ́n tó lè gé e kúrò níbẹ̀, ohun mìíràn gbọ́dọ̀ di ìgò náà mú. Ọ̀nà tí wọ́n gbà dì í mú ló fi àpá sí ìdí rẹ̀. Irin tí wọ́n fẹ́ ẹ sí, tí à ń pè ní mọ́ọ̀dù, ló fi ìlà sí ara rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n gbà parí ẹnu rẹ̀ ló hàn ní ètè. Àwọn ohun mẹ́ta yìí kò yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyẹn tí a fi lè fi ọ̀kan wọn yẹ èkejì wò.

Kí ni àpá pọ́ńtìlì?

Pọ́ńtìlì ni ọ̀pá irin kejì. Ọmọ iṣẹ́ á ti orí rẹ̀ bọ gíláàsì gbígbóná díẹ̀, á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ìgò. Nígbà náà ni ọ̀gá á gé ọ̀pá ìfẹ́ kúrò ní ọrùn, á tún fi iná mú ọrùn náà rọ̀, á sì ṣe ẹnu. Tí ẹnu bá ti pé, wọn á gbá ọ̀pá pọ́ńtìlì kúrò ní ìdí. Kì í kúrò tìrọ̀rùntìrọ̀rùn. Ó máa ń fi ojú ọgbẹ́ sílẹ̀, gíláàsì tó ya tó sì rí págunpàgun, tó lè gé ìka.

Ẹ fi ìka yín rọra kàn án. Àpá pọ́ńtìlì tòótọ́ máa ń wà ní àárín ìdí tàbí kó súnmọ́ àárín, ó sì ga ju ibi tó yí i ká lọ, tàbí kó jinlẹ̀ sí inú níbi tí gíláàsì ti bá ọ̀pá lọ. Àwọn kan jẹ́ òrùka tó ya lójú, nítorí pé ọ̀pá tó ní ihò ni wọ́n fi dì í mú. Àwọn mìíràn kò ní ihò láàárín. Irú kẹta ni ti irin lásán, tí wọn kò fi gíláàsì sí lórí. Ìyẹn máa ń fi àbàwọ́n dúdú tàbí pupa bí ìpẹtà sílẹ̀ lára ìdí, àárín 1845 sí 1870 ló sì wọ́pọ̀ jù.

Láti nǹkan bí 1850 síwájú ni ẹ̀mú kan tó ń gbá ara ìgò mú láìfi àpá sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ lọ́wọ́ pọ́ńtìlì. Nígbà tí yóò fi di 1870, ìgò ọjà lásán tó ní àpá pọ́ńtìlì ti di ohun tí kò wọ́pọ̀ mọ́. Nítorí náà, ìgò jíìnì tó bá ní àpá yìí lè ti wà kí òyìnbó tó ń jẹ́ Baikie tó tẹ Lọ́kọ́jà dó ní nǹkan bí 1860. Mi ò tíì rí ju mẹ́rin lọ ní gbogbo Òkun.

Òrùka róbótó wà ní ìdí ìgò mi. Pọ́ńtìlì ni, àbí?

Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà, èmi náà sì ti ṣìnà níbẹ̀ rí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí mi ò tíì mọ̀ ju òrùka lọ, ẹbí kan ní Kàbà gbé ìgò kan wá. Òrùka wà ní ìdí rẹ̀, mo sì sọ fún wọn pé ó ti lé ní àádọ́jọ ọdún. Bàbá ilé náà fi aṣọ wé e, ó gbé e sínú àpótí. Lẹ́yìn ọdún méjì ni mo tó mọ̀ pé ẹ̀rọ ló ṣe ìgò náà. Mo padà lọ sọ fún wọn, ó sì dùn mí gan-an láti rí ojú bàbá náà bí mo ṣe ń ṣàlàyé.

Ohun tí mo rí nígbà yẹn ni àpá ẹ̀rọ Owens. Michael Owens ní Tóládò, ní ìpínlẹ̀ Òháyò ní Amẹ́ríkà, ló ṣe ẹ̀rọ náà, ó sì ti ń ṣiṣẹ́ ní 1903. Ẹ̀rọ yìí máa ń fa gíláàsì sókè sínú mọ́ọ̀dù bí a ṣe ń fa omi pẹ̀lú ọ̀pá ìmu, ọ̀bẹ á sì gé e kúrò nísàlẹ̀. Ojú ibi tí ọ̀bẹ gé ni àpá náà. Ó tinrín bí irun, etí rẹ̀ máa ń rí bí ìyẹ́ ẹyẹ, kì í sì í sábà wà ní àárín. Ó lè yà sí ẹ̀gbẹ́ kan títí yóò fi kan etí ìdí, nígbà mìíràn á tilẹ̀ gun ara lọ díẹ̀. Tí ẹ bá fi ìka kàn án, ẹ ó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní gé yín.

Òrùka mìíràn tún wà, tó mọ́lẹ̀ tó sì tọ́ bíi pé kọ́ńpáàsì ni wọ́n fi yà á. Ojú ibi tí abala ìdí mọ́ọ̀dù ti pàdé abala ara nìyẹn. Kì í ṣe ọgbẹ́ rárá, etí irin tó pàdé irin ni. Òrùka kékeré kan tún ń bẹ lára ìgò mílíìkì àti ìgò ẹlẹ́nu gbẹ̀ǹgbẹ̀, èyí tí ẹ̀rọ fi ń ti gíláàsì jáde nínú mọ́ọ̀dù. Àwọn tó ní in sábà máa ń jẹ́ ti 1930 sí 1960.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí kò le. Tí mo bá rí òrùka, mi ò ní sọ̀rọ̀ títí n ó fi wo ẹnu ìgò. Ìgò tí ìlà rẹ̀ gun ètè kọjá kò lè ní àpá pọ́ńtìlì.

Kí ni ìlà ara ìgò ń sọ?

Mọ́ọ̀dù ìgò dà bíi ti àwọn tó ń gé búlọ́ọ̀kù, àmọ́ abala irin méjì ni, tó ń ṣí tó ń pa dé bí ilẹ̀kùn. Ibi tí abala méjèèjì ti pàdé, gíláàsì á wọ inú àlàfo tó tinrín tó wà níbẹ̀, á sì fi ìlà sílẹ̀. Lára ìgò onígun mẹ́rin, ìlà náà sábà máa ń gba igun méjì tó kọjú síra gùn lọ sókè. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ kì í fi í rí i: ojú pẹrẹsẹ ni wọ́n ń wò, kì í ṣe igun. Ẹ pa iná yàrá, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù tàn án láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ máa yí ìgò náà díẹ̀díẹ̀. Bí ojú kò bá rí i, èékánná á rí i.

Mo fẹ́ sọ èyí gbangba, nítorí pé mo ń gbọ́ ọ léraléra: wọ́n ní bí ìlà bá ṣe ga tó lára ọrùn ni ìgò ṣe jẹ́ tuntun tó, pé èyí tó dé èjìká jẹ́ ti ìgbà kan, èyí tó dé ìdajì ọrùn jẹ́ ti ìgbà mìíràn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀gá ṣe fi irin àti iná ra ọrùn tó ló ń pinnu ibi tí ìlà máa pòórá sí. Nínú ọjọ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo, nínú mọ́ọ̀dù kan náà, ìlà ìgò méjì lè parí síbi tó yàtọ̀. Ìbéèrè kan péré ni kí ẹ bi ìlà náà: ṣé ó dúró kó tó kan ètè, àbí ó gun ètè kọjá? Tó bá dúró, ọwọ́ ènìyàn ló ṣe ẹnu. Tó bá gùn ún kọjá títí dé orí, ẹ̀rọ ló ṣe é, ẹ̀yìn 1903 ló sì sábà máa ń jẹ́, nígbà tí ó sì fi máa di 1920, ẹ̀rọ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ìgò Amẹ́ríkà. Ní Yúróòpù, wọ́n ṣì ń fi ẹnu fẹ́ àwọn kan fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn náà.

Mi ò rí ìlà kankan rárá. Ṣé wọ́n fẹ́ ẹ láìlo mọ́ọ̀dù ni?

Fún ìgò jíìnì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé mọ́ọ̀dù alábala kan ni wọ́n lò. Ẹ rántí mọ́ínmọ́ín tí a fi kọ́ọ̀bù sè: tí a bá dà á dé, á yọ odindi, nítorí pé ẹnu kọ́ọ̀bù fẹ̀ ju ìdí rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe ń yọ ìgò jíìnì sókè nínú irin, ìdí náà sì nìyẹn tó fi tín-ín-rín nísàlẹ̀. Kò sí ibi tí abala ti pàdé, kò sì sí ìlà. Ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe èjìká, ẹ ó sì rí i pé igun èjìká kan lè ga ju èkejì lọ. Irú èyí ló sábà máa ń jẹ́ àgbà láàárín wọn, ó sì máa ń bá àpá pọ́ńtìlì rìn.

Ìgò wáìnì róbótó tí kò ní ìlà yàtọ̀. Wọ́n ń yí i nínú mọ́ọ̀dù títí ìlà á fi parẹ́, tí á sì ku àwọn ìlà fínnífínní tó yí ara rẹ̀ ká. Láàárín 1870 sí 1915 ni ìyẹn wọ́pọ̀. Ìgò onígun mẹ́rin kò ṣeé yí nínú irin, nítorí náà ìṣòro yìí kò kàn án.

Báwo ni mo ṣe ń ka ẹnu rẹ̀?

Ẹ fi èékánná fa abẹ́ ètè. Tí èékánná bá há síbì kan, bíi pé wọ́n gbé òrùka lé ọrùn, tí ẹ sì rí gíláàsì tó ṣàn sílẹ̀ lára ọrùn bí ìda àbẹ́là, ètè àlẹ̀mọ́ nìyẹn. Wọ́n da gíláàsì tuntun lé ọrùn, wọ́n sì fi irin tẹ̀ ẹ́. Ìlà ara á gùn títí kan abẹ́ ètè, á sì dúró lójijì bíi pé wọ́n gé e. Irú èyí wọ́pọ̀ kí 1890 tó dé.

Tí ọrùn àti ètè bá jẹ́ ọ̀kan náà, tí ìlà ń pòórá díẹ̀díẹ̀ kó tó dé ètè, tí àwọn ìlà fínnífínní sì yí ọrùn ká, ètè tí wọ́n fi irin yí ni. Ìyẹn gba ipò ti àkọ́kọ́ láti nǹkan bí 1880 títí ẹ̀rọ fi dé.

Ẹ fi ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá kún un ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fún gbogbo ọdún tí mo ń sọ. Lára ìgò Amẹ́ríkà ni wọ́n ti yọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ti Họ́láńdì àti Jámánì ni jíìnì wa, àwọn ilé iṣẹ́ yẹn sì máa ń pẹ́ kí wọ́n tó yí ọwọ́ padà.

Ẹ ka ìgò kan fún wa láti ìdí dé ẹnu.

Ó dára. Bàbá kan ní Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ pè mí lọ́dún tó kọjá. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n sì gbé ìgò náà jáde látinú àpò ìrẹsì. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, bàbá mi ló ni ín. Nígbà tí mo gbọ́n, ó ti gbó. Ẹ̀tù ìbọn ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀."

Mo wọ̀n ọ́n: ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 24, èjìká fẹ̀ tó 8, ìdí kò ju 6 àti ààbọ̀ lọ. Mo dojú rẹ̀ délẹ̀. Ìdí náà wọ inú díẹ̀, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ha nítorí pé orí wọn ló ń jókòó lé. Mo fi ìka wá àárín, kò sí ọgbẹ́, kò sí ìpẹtà. Nǹkan kan gba ìdí náà kọjá láti igun dé igun, ìlà tó tinrín. Ìyẹn nìkan ti sọ fún mi pé mọ́ọ̀dù alábala méjì ni, àti pé wọn kò lo pọ́ńtìlì, tàbí pé wọ́n lò ó láìfi àpá sílẹ̀, èyí tí kì í sábà ṣẹlẹ̀.

Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí igun. Ìlà náà ti ìdí gòkè, ó gun èjìká, ó wọ ọrùn. Ní abẹ́ ètè ni ó ti dúró, gbọn-in. Èékánná mi há. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, gíláàsì ètè ti ṣàn wá sórí ìlà náà ó sì bò ó. Bàbá náà tẹ̀ síwájú wò ó, wọ́n ní, "Mo ti ń gbá ìgò yìí mú láti kékeré, mi ò rí ẹ̀jẹ̀ yìí rí." Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n pe gíláàsì tó ṣàn náà, orúkọ yẹn sì ni èmi náà ń pè é láti ọjọ́ yẹn.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àìsí àpá pọ́ńtìlì sọ pé kò jọ pé ó ṣáájú 1860. Ètè àlẹ̀mọ́ sọ pé ó ṣòro kó kọjá 1890, ṣùgbọ́n nítorí pé ìgò Yúróòpù ni, mo fún un títí dé 1900. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn: láàárín 1860 sí 1900. Wọ́n bi mí bóyá mi ò lè mú un ṣe pàtó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní rárá, ara ìgò náà kò sọ jù bẹ́ẹ̀.

Òǹtẹ̀ AVH wà ní èjìká ti èmi. Ṣé ìyẹn kò lè sọ ọdún náà?

Òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ A. van Hoboken ní Rotterdam, ní Họ́láńdì, ni. Wọ́n kán gíláàsì gbígbóná lé èjìká, wọ́n sì fi òǹtẹ̀ tẹ̀ ẹ́, bí a ṣe ń fi èdìdì tẹ ìda. Ó sọ ẹni tó ta ọtí náà fún yín. Àmọ́ ọjọ́ pẹ́ tí ilé iṣẹ́ náà ti ń ta jíìnì, lẹ́tà kan náà ni wọ́n sì ń lò, nítorí náà ẹ padà sí ìdí àti ẹnu.

Àwọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Àwọn ìléròrò inú rẹ̀ ńkọ́?

Ẹ má gbé e lé wọn. Irin inú iyanrìn tí wọ́n fi ṣe gíláàsì ló ń fa àwọ̀ ewé tó ṣú, ìléròrò sì wà nínú ìgò àná náà.

Tó bá jẹ́ ti 1870, ṣé 1870 náà ló dé ilé wa?

Rárá o, ọ̀rọ̀ yìí sì ṣe pàtàkì fún àwa Òkun ju àwọn ará ìsàlẹ̀ lọ. Agbègbè Kàbà wà lábẹ́ Àríwá Nàìjíríà nígbà tí Lugard ta àsíá ní Lọ́kọ́jà ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1900, ìjọba ibẹ̀ kò sì gbà kí wọ́n ta ọtí líle òyìnbó fún ọmọ ilẹ̀. Ní ìsàlẹ̀, ní Èkó àti ilẹ̀ Yorùbá tó kù, jíìnì ń ṣàn bí omi. Ìgò tó wọlé tọ̀ wá lè gba odò Ọya, ó sì lè gba ọ̀nà Èkìtì. Ó lè wọlé ní kíkún, ó sì lè wọlé ní òfìfo, nítorí ìgò òfìfo jẹ́ ọjà fúnra rẹ̀: epo, oyin àti àgbo ni wọ́n ń rọ sí i. Ìgò tí wọ́n ṣe ní 1870 lè pé ogójì ọdún lójú ọ̀nà kó tó dé àjà yín.

Ohun tí ọjọ́ orí rẹ̀ sọ dájú ni pé ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ nínú ilẹ̀, tí ilẹ̀ kò bá tíì dàrú, kò lè jẹ́ ohun tí wọ́n kó síbẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Wọn kò sì lè ti kó ohun tó wà lókè rẹ̀ síbẹ̀ ṣáájú ọdún tí wọ́n ṣe é.

Ṣé mo lè lọ wá ìgò ní ahoro orí òkè?

Àwọn ahoro tí bàbá wa sá sí nígbà ogun Nupé ní ìgò lóòótọ́. Òfin 1979 tó dá àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń tọ́jú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ kò gba kí ènìyàn wa ilẹ̀ wá ohun àtijọ́ láìgba ìwé àṣẹ. Èyí tó bá wà lójúbọ tàbí lójú oórì, ẹ má fọwọ́ kàn án, kódà bí kò bá sí ẹni tó ń wò yín.

Báwo ni mo ṣe lè fọ̀ ọ́?

Omi tútù, ọṣẹ, àti sùúrù. Ẹ rẹ ẹ́ fún ọjọ́ kan. Ẹ má fi iyanrìn gbọ̀n ọ́n nínú, ó máa ń ha á. Ẹ má da omi gbígbóná sí i láé, nítorí gíláàsì ìdí nípọn ju ti ara lọ, wọn kì í sì í jọ gbóná lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ló sì ń là. Tí ara rẹ̀ bá ń tàn yòò bí epo lórí omi, ilẹ̀ ló ti jẹ ẹ́. Ẹ má ha ìyẹn kúrò.

Mi ò lè gbé e wá. Àwòrán wo ni kí n yà?

Mẹ́rin tó. Ìdí, kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́. Igun tí ìlà wà, láti ìsàlẹ̀ dé èjìká. Abẹ́ ètè, kí fóònù súnmọ́ ọn débi tí ẹ ó fi rí ibi tí ìlà dúró sí. Àti òkè ètè fúnra rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìlà ẹ̀rọ máa ń gbà kọjá. Ẹ fi náírà kọ́ìnì kan tàbí rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí n lè mọ bó ṣe tóbi tó.